Ṣọ́ọ̀kì, Sípíríǹgì àti Gbòǹgbò Méjì: Ohun tó ń Pinnu bí Ọkọ̀ Ṣe ń Mì

Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kì í kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ kankan. Á lọ sí igun ọkọ̀ kan níwájú, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Bí igun náà bá dìde, tó kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí díẹ̀, tó padà wálẹ̀, tó sì fara balẹ̀, á ní kò séwu. Bí ó bá ń lọ sókè sódò láìdẹ́kun, á ní ṣọ́ọ̀kì yẹn ti kú, kí ẹ lọ ra òmíràn.

Ohun tí mẹkáníìkì ń fojú wò yìí, àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí i lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Gbogbo ohun tó bá so mọ́ sípíríǹgì, tí nǹkan kan sì ń dẹ̀ ẹ́ rọ̀, ọ̀nà mẹ́ta péré ló lè gbà padà síbi ìsinmi rẹ̀. Ó lè padà pẹ̀lú mímì, nítorí pé ìdẹ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó. Ó lè padà tààrà ní kíákíá láìmì rárá, nítorí pé ìdẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ojú ààlà gan-an. Ó sì lè máa wọ́ padà díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìdẹ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀jù. Nọ́ńbà méjì péré ló ń sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ṣẹlẹ̀, ìyẹn gbòǹgbò méjì inú ìdọ́gba kan tí kò le ju èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń yanjú lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe le tó ni ọkọ̀ yóò ṣe tètè fara balẹ̀ tó. Gbòǹgbò méjì yìí yóò fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ipá mẹ́ta ní igun kan

Ẹ jẹ́ ká mú igun kan ṣoṣo nínú mẹ́rin tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní. Ká ní ìwúwo ara ọkọ̀ tó jókòó sórí igun yẹn jẹ́ 300 kìlógíráàmù. Abẹ́ rẹ̀ ni sípíríǹgì wà, ṣọ́ọ̀kì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ sípíríǹgì ni láti dá ọkọ̀ padà. Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1678: bí o bá fi ìlọ́po méjì tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀, ìlọ́po méjì ni ipá tí yóò fi tì ọ́ padà. Ká ní sípíríǹgì tiwa ń fẹ́ ipá 30,000 níútọ̀n fún mítà kan. Ìyẹn ni pé kí a tó lè tẹ igun ọkọ̀ yìí wọlẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 5, a nílò 1,500 níútọ̀n, bí ẹni pé àgbàlagbà méjì jókòó lé e.

Ṣọ́ọ̀kì kì í bìkítà nípa ibi tí ọkọ̀ wà, ìyára ló ń bá jà. Inú rẹ̀ ni páìpù kan wà tó kún fún ọ́ìlì, písítìnì sì wà nínú ọ́ìlì náà tí ihò kéékèèké wà lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sókè tàbí sódò, písítìnì á máa rìn, ọ́ìlì á sì máa fipá gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá. Bí ìrìn náà bá yá, ọ́ìlì á kọ̀ gan-an. Bí ó bá rọra lọ, ọ́ìlì á jẹ́ kó kọjá. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ṣọ́ọ̀kì kò ní ipá kankan mọ́, bó ti wù kí sípíríǹgì tẹ̀ tó. Agbára tó gbà lọ́wọ́ mímì á di ooru, ìdí nìyẹn tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn-àjò lójú ọ̀nà tó bàjẹ́. Lẹ́tà c la ó fi dúró fún bí ṣọ́ọ̀kì ṣe le tó: ó jẹ́ iye níútọ̀n tó fi ń dènà nígbà tí ìyára jẹ́ mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìkẹta ni ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í fẹ́ kí ìyára rẹ̀ yí padà lójijì. Bó bá ti ń lọ, ó fẹ́ máa lọ náà ni, òun ló sì fi ń kọjá ibi ìsinmi.

Bí a bá pe ìwúwo ní m, tí a pe líle sípíríǹgì ní k, tí a sì pe bí igun ọkọ̀ ṣe jìnnà síbi ìsinmi ní x, ohun tí ipá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ kò ju ìlà kan lọ:

m x″ + c x′ + k x = 0

Àmì kan lórí x túmọ̀ sí ìyára, àmì méjì túmọ̀ sí bí ìyára náà ṣe ń yí padà. Ìlà yìí sọ pé ìgbàkigbà tí o bá wò ó, ipá mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ ṣe déédéé ara wọn.

Ọgbọ́n tí Euler dá

Bí ènìyàn ṣe máa rí x nínú irú ìdọ́gba yìí kò hàn gbangba, nítorí pé x, ìyára rẹ̀ àti ìyípadà ìyára rẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1739, Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Siwísáláǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ní Sent Pításíbọ̀ọ̀gì nígbà náà, rí ọ̀nà àbáyọ, ó sì kọ ọ́ nínú lẹ́tà sí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, Johann Bernoulli. Ọdún 1743 ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé.

Ọgbọ́n náà ni pé kí a wá ohun kan tó jẹ́ pé, bí a bá wá ìyára rẹ̀, òun kan náà la ó tún rí, àfi pé a ti sọ ọ́ di ìlọ́po nọ́ńbà kan. Ohun kan tó ń hùwà bẹ́ẹ̀ wà: òun ni e^(rt), níbi tí e jẹ́ nọ́ńbà tó sún mọ́ 2.718, t jẹ́ àkókò, r sì jẹ́ nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀. Ìyára rẹ̀ ni r e^(rt). Ìyípadà ìyára rẹ̀ ni r² e^(rt). Bí a bá fi wọ́n sínú ìlà wa, e^(rt) á wà nínú gbogbo rẹ̀, a lè yọ ọ́ kúrò, ohun tó sì kù ni:

m r² + c r + k = 0

Èyí ni ìdọ́gba àbùdá. Kò sí àkókò nínú rẹ̀ mọ́, kò sí ìyára, nọ́ńbà lásán ni. Ìdọ́gba onílọ́po méjì tí wọ́n ń kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, a sì mọ bí a ṣe ń wá gbòǹgbò rẹ̀:

r = (−c ± √(c² − 4mk)) / 2m

Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ àmì gbòǹgbò yẹn, c² − 4mk. Bí c² bá kéré, ohun tó wà níbẹ̀ á jẹ́ òdì, gbòǹgbò méjèèjì á sì ní nọ́ńbà àfinúrò nínú. Bí c² bá dọ́gba pẹ̀lú 4mk gẹ́lẹ́, òdo ló wà níbẹ̀, gbòǹgbò méjèèjì á sì di ẹyọ kan náà. Bí c² bá tóbi jù, a ó ní gbòǹgbò gidi méjì tó yàtọ̀ síra. Mẹ́ta péré ni, kò sí ìkẹrin, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀nà ìpadà fi jẹ́ mẹ́ta.

Nínú ọkọ̀ tiwa, 4mk jẹ́ 36,000,000, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 6,000. Nítorí náà, 6,000 ni ojú ààlà. Ṣọ́ọ̀kì tí c rẹ̀ kò tó 6,000 yóò jẹ́ kí ọkọ̀ mì, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní jẹ́ kó mì.

Kí iṣẹ́ lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká fi 300 pín gbogbo ìdọ́gba náà. Ó di:

r² + (c/300) r + 100 = 0

Ẹ fi ọkàn sí 100 yẹn. Bí a bá sọ gbòǹgbò méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, 100 ni yóò jáde, bó ti wù kí ṣọ́ọ̀kì rí. Ìwúwo àti sípíríǹgì nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì lè yí bí wọ́n ṣe pín 100 náà láàárín ara wọn padà, ṣùgbọ́n kò lè yí 100 padà. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ yìí wà.

Nígbà tí ìdẹ̀rọ̀ kò tó

Ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó dára, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń fi sábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, kí c rẹ̀ jẹ́ 1,800. Ìdọ́gba wa di r² + 6r + 100 = 0, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni:

r = −3 ± 9.54 i

Lẹ́tà i ni nọ́ńbà àfinúrò, èyí tí ìlọ́po méjì ara rẹ̀ jẹ́ −1. Kì í ṣe pé ohun àfinúrò kan wà lábẹ́ ọkọ̀. Euler kan náà ló fi hàn pé bí i bá wọ orí e, ìgbì tó ń lọ sókè sódò ni yóò jáde, nítorí pé e^(iθ) = cos θ + i sin θ. Bí a bá sì so gbòǹgbò onípluọ̀s pọ̀ mọ́ onímáínọ́ọ̀sì, i á pa ara rẹ̀ rẹ́, ìgbì gidi nìkan ni yóò kù.

Nítorí náà, gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, apá kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Apá tó wà lọ́dọ̀ i, ìyẹn 9.54, ń sọ bí mímì ṣe yá tó: ọkọ̀ á lọ sókè, á sì padà sódò lẹ́ẹ̀kan láàárín 0.66 ìṣẹ́jú àáyá. Apá gidi, ìyẹn −3, ń sọ bí mímì náà ṣe ń kú tó. Nítorí pé ó jẹ́ òdì, mímì á máa dínkù. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ṣọ́ọ̀kì rárá, tí c jẹ́ òdo, gbòǹgbò á di ±10i, kò ní sí apá gidi, ìdọ́gba á sì sọ pé ọkọ̀ yóò máa mì títí láé.

Ká wá ṣe ìdánwò mẹkáníìkì. A tẹ igun ọkọ̀ wọlẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 5, a jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìṣirò sọ pé:

x = 5 e^(−3t) (cos 9.54t + 0.31 sin 9.54t)

Lẹ́yìn 0.33 ìṣẹ́jú àáyá, igun náà á ti kọjá ibi ìsinmi, á sì ga jù ú lọ ní sẹ̀ntímítà 1.9. Á padà wálẹ̀, á wọlẹ̀ ní 0.7 péré. Ìgbà tó bá tún dìde, kò ní ju 0.3 lọ, ojú kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Ìyẹn gan-an ni mẹkáníìkì ń pè ní ara líle ọkọ̀: ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó padà, ó fara balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí rọ́bà tó ń dí ẹnu ṣọ́ọ̀kì gbó wàyí, kí ọ́ìlì máa jò jáde, kí afẹ́fẹ́ wọlé síbẹ̀. Kí c já wálẹ̀ láti 1,800 sí 600. Gbòǹgbò á di −1 ± 9.95i. Ẹ wò ó dáadáa: apá tó ń sọ ìyára mímì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, láti 9.54 sí 9.95. Apá tó ń pa mímì ló já sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí a bá tẹ ọkọ̀ yìí ní sẹ̀ntímítà 5, á dìde 3.6 lókè ibi ìsinmi, á wọlẹ̀ 2.7, á tún dìde 1.9, á tún wọlẹ̀ 1.4. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí mímì rẹ̀ tó kéré ju mílímítà kan lọ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, yóò ti rin ju mítà 60 lọ láàárín ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ara ọkọ̀ bá sì dìde ni ẹrù orí táyà ń fúyẹ́, tí táyà kò di ilẹ̀ mú bó ṣe yẹ.

Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ fò, tí kì í wo bó ṣe yá tó. Ọkọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀kì tuntun àti èyí tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú ń mì ní ìyára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Iye ìgbà tí mímì náà fi ń kú ló yàtọ̀.

Ojú ààlà

Bí a bá ń fi kún c díẹ̀díẹ̀, apá gidi á máa jìnnà sí òdo, apá àfinúrò á sì máa kéré sí i. Ìdí rẹ̀ wà nínú 100 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: bí apá gidi bá di ìlọ́po méjì ara rẹ̀, tí a fi ìlọ́po méjì apá kejì kún un, 100 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Nínú ọkọ̀ tó dára, 9 pẹ̀lú 91. Nínú èyí tó ti kú, 1 pẹ̀lú 99. Ohun tí apá kan bá gbà, apá kejì ló pàdánù rẹ̀. Tí c bá wá di 6,000, apá gidi á ti gba gbogbo 100 tán, kò sí ohunkóhun tó kù fún mímì. Gbòǹgbò méjèèjì á pàdé sójú kan, −10 àti −10.

Ìṣòro kékeré kan yọjú níbí. Ohun méjì la gbọ́dọ̀ lè tò bó ṣe wù wá níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ibi tí a tẹ ọkọ̀ dé àti ìyára tó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹyọ méjì ni ìdáhùn wa nílò. Gbòǹgbò kan ṣoṣo sì rèé, e^(−10t) nìkan ló fún wa. Ẹyọ kejì tí ìdọ́gba náà gbà ni t e^(−10t), ẹnikẹ́ni tó bá sì fi sínú ìlà àkọ́kọ́ yóò rí i pé òdo ló jáde. Nípa bẹ́ẹ̀, ìrìn igun ọkọ̀ di:

x = 5 (1 + 10t) e^(−10t)

Ọkọ̀ yìí kì í kọjá ibi ìsinmi rárá. Ó ń bọ̀ láti sẹ̀ntímítà 5, ó sì padà sí ìwọ̀n mílímítà kan láàárín 0.6 ìṣẹ́jú àáyá. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ibi ìsinmi, kò sí èyí tó yára tó o. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ohun èlò ìwọ̀n iná mànàmáná fi ń fẹ́ kí ìdẹ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà wà nítòsí ojú ààlà: kò yẹ kí ẹni tó ń ka ìwọ̀n máa dúró de abẹ́rẹ́ tó ń mì, kò sì yẹ kó máa dúró de èyí tó ń wọ́.

Ṣùgbọ́n ojú ààlà ló jẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe ibi tí nǹkan lè fìdí kalẹ̀ sí. Ó ní láti jẹ́ 6,000 gẹ́lẹ́. Ọ́ìlì máa ń ṣàn yíyá sí i bó bá gbóná, c á sì dínkù. Bí èrò kan bá wọlé sínú ọkọ̀, m ti yí padà, ojú ààlà náà ti ṣí kúrò níbi tó wà.

Nígbà tí ìdẹ̀rọ̀ pọ̀jù

Èrò tó máa wá sọ́kàn ni pé, bí 6,000 bá yára tó báyìí, 15,600 á yára jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìdọ́gba di r² + 52r + 100 = 0, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ −2 àti −50.

Lóòótọ́, gbòǹgbò kan ti yára gan-an, ó ti di −50. Ṣùgbọ́n 100 kò yí padà: bí ọ̀kan bá di 50, èkejì gbọ́dọ̀ di 2. Bí a bá mú c tó jẹ́ 7,500, gbòǹgbò á jẹ́ −5 àti −20, ìlọ́po wọn ṣì ni 100. Gbogbo ìyára tí ṣọ́ọ̀kì fi kún gbòǹgbò kan, ara èkejì ló ti yọ ọ́. Ìrìn ọkọ̀ wá di:

x = 5.21 e^(−2t) − 0.21 e^(−50t)

Apá kejì kéré, ó sì ti parẹ́ kó tó pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Apá àkọ́kọ́ ló kù, òun ló sì lọ́ra. Bí èèyàn méjì bá jọ gbọ́dọ̀ dé ilé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ló ń pinnu ìgbà tí a ó tilẹ̀kùn. Nítorí náà, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni ọkọ̀ yìí nílò kó tó padà sí ìwọ̀n mílímítà kan, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ojú ààlà nílò lọ. Bí a bá tún fi kún líle ṣọ́ọ̀kì, á tún lọ́ra sí i, nítorí pé gbòǹgbò kékeré náà á túbọ̀ sún mọ́ òdo.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ lójú ni pé kò mì rárá. Ẹni tó bá ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan lè rò pé ó dára púpọ̀. Ojú ọ̀nà ni àbùkù rẹ̀ ti ń hàn. Bí kòtò àti òkè kéékèèké bá tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ń tẹ sípíríǹgì ní gbogbo ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá, ọkọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ −2 á ṣì wà ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 2 sísàlẹ̀ ibi ìsinmi nígbà tí ìtẹ̀ kejì yóò fi dé. Èyí tó kù á máa kún èyí tó ń bọ̀, sípíríǹgì á máa rì síwájú sí i, títí kò fi ní àyè mọ́, irin á sì máa gbá irin.

Ìdí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò fi yan ojú ààlà

Bí ojú ààlà bá dára tó báyìí, kí ló dé tí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán fi máa ń wà láàárín ìdá 2 sí ìdá 4 nínú mẹ́wàá rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kì í jókòó dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ló ń ti táyà sókè, ṣọ́ọ̀kì ló sì ń gbé ipá yẹn dé ara ọkọ̀.

Ká ní táyà gun búǹpù kan, tó sì dìde pẹ̀lú ìyára ìlàjì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣọ́ọ̀kì tí c rẹ̀ jẹ́ 1,800 á fi 900 níútọ̀n ti ara ọkọ̀ sókè. Èyí tó jẹ́ 6,000 á fi 3,000 níútọ̀n tì í. 3,000 níútọ̀n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ìwúwo tó wà ní igun yẹn, nítorí náà ẹni tó jókòó sókè rẹ̀ á mọ̀ ọ́n bí ìgbà tí ìwúwo ara òun di ìlọ́po méjì lójijì. Pẹ̀lú 15,600, ìdí kò ní lè gbà á. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ gbà kí ó dìde kọjá ibi ìsinmi lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀yìn èrò má bàa fọ́. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ihò tí ọ́ìlì ń gbà nígbà tí táyà ń dìde gbòòrò ju èyí tó ń gbà nígbà tí sípíríǹgì ń nà padà lọ. C kan wà fún ìlọ, òmíràn wà fún àbọ̀.

Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ìdọ́gba wa ti ní ààlà. Ó gbà pé c kì í yí padà, ó sì gbà pé kò sí ohun mìíràn tó ń mì. Lóòótọ́, táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ sípíríǹgì, wíìlì àti irin tó so ó mọ́ ọkọ̀ ní ìwúwo tiwọn, wọ́n sì ń mì ní ìyára tó ju ti ara ọkọ̀ lọ fíìfíì. Ìdánwò ọwọ́ mẹkáníìkì kò lè rí mímì yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, rọ́bà àwọn oríkèé abẹ́ ọkọ̀ tó ti gan lè dẹ mímì rọ̀ nígbà tí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó sì bo ṣọ́ọ̀kì tó ti ń ṣàárẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó fò lọ́pọ̀ ìgbà ní ṣọ́ọ̀kì tó ti kú dájú. Èyí tí kò fò kò tíì yege tán. Ẹ tún wò bóyá ọ́ìlì ń rin ara ṣọ́ọ̀kì, bóyá imú ọkọ̀ ń rì jù bí ẹ bá tẹ búréèkì, àti bóyá ojú táyà ń jẹ ní kòtò-kòtò.

Ìdọ́gba náà tún ṣàlàyé ohun kan tí àwọn onímọ́tò ń fojú rí. Apá gidi gbòǹgbò nígbà tí ọkọ̀ ń mì ni c tí a fi ìlọ́po méjì m pín. Bí wọ́n bá kó ẹrù àti èrò sínú ọkọ̀ títí ìwúwo igun kan fi kúrò ní 300 tó di 450, gbòǹgbò ṣọ́ọ̀kì rere 1,800 wa á kúrò ní −3, á di −2. Nǹkan kan kò bàjẹ́ lára ṣọ́ọ̀kì, síbẹ̀ mímì á máa pẹ́ kó tó kú, á pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlàjì. Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀jù ti sọ ṣọ́ọ̀kì tuntun di ṣọ́ọ̀kì tó ti lò díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún ẹni tó fẹ́ ra nǹkan lọ́jà nìyí. Ojú ààlà kò sí lára ṣọ́ọ̀kì nìkan: ìwúwo, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ló jọ ń ṣe é. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ọkọ̀ akẹ́rù mu lè sọ ọkọ̀ kékeré di èyí tó ń wọ́, tó sì ń gbá èrò rẹ̀ lẹ́yìn ní gbogbo búǹpù. Bí ẹni tó ń tajà bá sọ fún yín pé èyí tó le jù ló dára jù, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ ra irú èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín kọ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní méjì-méjì, tòsì tọ̀tún pọ̀, kí gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ lè bára mu.